Adìẹ tó dì gbagidi, ṣé a lè gbé e kaná bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin ará ilé ní Kàbà, Ìsánlú, Mọ̀pà àti gbogbo agbègbè wa, mo kí yín o. Ìbéèrè tí àwọn oníbàárà máa ń bi mí jù nídìí iṣẹ́ oúnjẹ sísè ni pé ṣé wọ́n lè kó itan adìẹ láti fírísà bọ́ sínú ìkòkò láìdúró kó yọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, kò léwu, tó bá ṣáà ti jẹ́ pé inú omi lẹ fẹ́ ti sè é, tí iná sì le dáadáa. Àkókò ló yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú itan tó tóbi díẹ̀. Tó bá ti yọ́, bí ìṣẹ́jú 30 ló ń gbà lórí gáàsì mi. Tó bá ṣì dì, mo máa ń fi ìdajì kún un, ó di 45, ìgbà tí omi bá sì hó ni mo ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kì í ṣe ìgbà tí mo gbé e kaná, torí yìnyín yẹn á kọ́kọ́ mú omi tutù.

Àmọ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ìṣirò yẹn wà fún o. Tí itan márùn-ún bá lẹ̀ mọ́ra, ti ẹ̀gbẹ́ á ti rọ̀ tán nígbà tí ti àárín ṣì ní yìnyín nínú. Ẹ da omi bò ó, ẹ dé e, tó bá ti hó fún bí ìṣẹ́jú 10 ẹ fi fọ́ọ̀kì yà wọ́n, èyí tí ò bá tíì gbà ẹ má fagbára fà á, ẹ fún un láyè díẹ̀ sí i. Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá ti dá wà, tómi tún hó, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà sí i, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka 45 yẹn.

Kẹ́ ẹ tó sọ̀ ọ́, ẹ gún ibi tó nípọn jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun. Ẹran á ṣí kúrò lára eegun, kò sì ní máa dán bíi tútù. Àwọ̀ nìkan ò tó o, torí mùdùnmúdùn eegun adìẹ tó dì lè pọ́n ẹran lára kódà tó bá jinná. Tẹ́ ẹ bá ní tẹmómítà oúnjẹ, ẹ wá 74°C, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó kan eegun.

Ẹ má sọ èyí tó dì sínú òróró gbígbóná láé. Òróró á ta sí yín lára, ìta ẹran á jó, inú á ṣì wà ní tútù. Ẹ sè é ná, ẹ jẹ́ kómi gbẹ lára ẹ̀, kẹ́ ẹ tó dín in. Ẹ má sì gbé e sórí iná tí ò le kẹ́ ẹ lọ sóko, torí á pẹ́ jù nínú ìlọ́wọ́ọ́wọ́, ibẹ̀ sì làwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀.

Gbogbo èyí, adìẹ tí ò tíì yọ́ rí ni mò ń sọ. Tí ẹ bá rí omi pupa tó dì sísàlẹ̀ náílọ̀n, tí gbogbo ẹran sì ti rún pọ̀ di ìṣù kan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti mú iná lọ, kó yọ́, kó tún padà dì, ẹ má rà á. Tó bá sì jẹ́ nínú fírísà tiyín ló ti gbóná mọ́jú, ẹ dà á nù, torí àwọn kòkòrò kan máa ń fi oró sílẹ̀ tí sísè ò lè pa.