GmbH kì í ṣe ẹ̀rí pé owó wà nílẹ̀

Ó ti sú mi. Bí èèyàn bá fẹ́ ra ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ láti Jámánì, tó sì rí GmbH lẹ́yìn orúkọ ẹni tó ń tà á, ó parí: "Ilé-iṣẹ́ ńlá ni, ìjọba wọn ló dúró fún un." Lẹ́tà mẹ́rin ni o.

Ohun tí lẹ́tà náà ń sọ ni pé bí ilé-iṣẹ́ bá jẹ gbèsè, ohun ìní ilé-iṣẹ́ ni olówó lè dì mú, kì í ṣe ilé àwọn tó ni ín. Àwọn tó ni ín ló ń dáàbò bò, kì í ṣe àwa tó ń rajà. Ohun tí Ltd tiwa náà ń ṣe nìyẹn.

Orí 25,000 yúrò ni wọ́n máa ń fi orí kunkun sí. Wọ́n á ní òfin Jámánì sọ pé GmbH gbọ́dọ̀ ní iye yẹn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó ìdásílẹ̀ ni. Bí 12,500 bá ti wọlé, wọ́n lè forúkọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó tì í mọ́ báńkì: wọ́n lè fi ra kọ̀ǹpútà, kí wọ́n fi san owó ilé, kí iṣẹ́ má sì lọ dáadáa, kó tán. Láti 2008, ẹni tí owó rẹ̀ kò tó tilẹ̀ lè fi yúrò kan ṣoṣo dá irú kékeré rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní UG. Ọ́stríà àti Swítsáláǹdì náà ní GmbH, iye owó tiwọn sì yàtọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan fi ìwé owó tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní kó san hàn mí. "Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wà níbẹ̀," ó ní. Lóòótọ́, HRB, ìyẹn apá tí GmbH wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọn, àti nọ́ńbà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ kóòtù. Kóòtù ló ń tọ́jú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ní Jámánì, oníkálukú ló sì ń ka nọ́ńbà tirẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà kan náà lè jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan ní Hamburg, kó tún jẹ́ ti òmíràn ní Köln. Òfin sì ní kí GmbH kọ kóòtù, nọ́ńbà, ìlú tó wà àti orúkọ àwọn tó ń darí rẹ̀ sára lẹ́tà rẹ̀.

A wá orúkọ náà lórí handelsregister.de, ìkànnì ìwé ìforúkọsílẹ̀ náà, wọn kì í gba owó. A rí i, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì ibẹ̀ kọ́ ló wà lórí ìwé owó. Ó lè jẹ́ pé wọ́n kó kúrò, n kò lè pè é ní jìbìtì. Àmọ́ gbájúẹ̀ náà lè jí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà lóòótọ́ lò, nítorí náà ẹ má pe nọ́ńbà fóònù tó wà lórí ìwé owó láti fi wádìí ìwé owó. Ọ̀rẹ́ mi kọ̀wé, ó béèrè orúkọ kóòtù. Nọ́ńbà àkáǹtì ni wọ́n tún fi ránṣẹ́.