Àwo àmàlà mélòó lẹ máa tà kí owó tó pé?

Èrò lè máa tò ní búkà kan ní Mókọ́lá láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, kí owó ṣọ́ọ̀bù sì tún di wàhálà nígbà tí ọdún bá yí po. Ohun tó sábà ń fà á ni pé oníbúkà mọ iye tó fi ra ẹran, àmọ́ kò mọ iye tí ṣọ́ọ̀bù ń jẹ lójúmọ́, bí kò tilẹ̀ ta àwo kan ṣoṣo.

Ìnáwó yẹn ló dúró sójú kan, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ẹ fi iye tiyín rọ́pò àwọn àpẹẹrẹ yìí. Owó ṣọ́ọ̀bù ọdún kan jẹ́ ₦360,000, ìyẹn ₦30,000 lóṣù. Ọmọ iṣẹ́ méjì ń gba ₦100,000. Iná, omi àti owó pàǹtí jẹ́ ₦20,000, ìkòkò àti àwo tó ń gbó sì jẹ́ ₦10,000. Èyí tó kù ni owó oṣù tiyín fúnra yín, ₦80,000. Ọ̀pọ̀ kì í kọ ìyẹn sílẹ̀. Inú àpótí owó ni wọ́n ti ń mú un díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wá máa pe owó iṣẹ́ ara wọn ní èrè. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦240,000. Bí ẹ bá ń ṣí fún ọjọ́ 24 lóṣù, ₦10,000 ni ṣọ́ọ̀bù ń jẹ lójúmọ́.

Ìnáwó kejì ń bá àwo rìn: bí ẹ kò bá tà, ẹ kò ná an. Èlùbọ́ ₦300, gbẹ̀gìrì àti ewédú ₦150, ẹran ₦450, ata àti epo ₦150, gáàsì ₦100, ọ̀rá ₦50. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,200. Ẹ má ṣe fojú díwọ̀n ti èlùbọ́. Ẹ ro kóńgò kan, kẹ́ ẹ sì ka iye àwo tó bọ́ sí. Bí kóńgò ₦3,000 bá bọ́ sí àwo 10, ₦300 ni. Bí ọwọ́ ẹni tó ń bù ú bá wúwo tó fi bọ́ sí 8, ó ti di ₦375, kò sì sẹ́ni tó máa rí i nínú ìwé.

Bí ẹ bá ń ta àwo kan ní ₦1,500, ₦300 ló ṣẹ́kù lórí rẹ̀. Ẹ fi ₦300 pín ₦10,000: ó lé díẹ̀ ní 33. Àwo 34 lẹ gbọ́dọ̀ tà lójúmọ́ kí owó tó pé, èyí tó bá lé lórí rẹ̀ ló jẹ́ èrè. Fún ẹni tó ń lo tábìlì ìṣirò lórí fóònù, B1 ni ìnáwó oṣù, B2 owó tẹ́ ẹ ń ta àwo kan, B3 ìnáwó àwo kan, B4 ọjọ́ iṣẹ́:

```
=ROUNDUP(B1/(B2-B3)/B4,0)
```

Iye ọjà kì í dúró. Oòrùn ni wọ́n fi ń sá èlùbọ́, nítorí náà òjò máa ń dí i lọ́wọ́, ẹran náà sì máa ń gbówó lórí bí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ ya tábìlì yìí. Àwo tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ tà lójúmọ́ ló wà nínú rẹ̀:

| Ìnáwó àwo kan | Bẹ́ ẹ bá ń tà á ní ₦1,400 | ₦1,500 | ₦1,600 |
|---|---|---|---|
| ₦1,100 | 34 | 25 | 20 |
| ₦1,200 | 50 | 34 | 25 |
| ₦1,300 | 100 | 50 | 34 |

Ẹ wo àárín rẹ̀ dáadáa. Ọgọ́rùn-ún náírà péré tó gorí ìnáwó ló gbé 34 di 50. Ẹni tó sì já iye sí ₦1,400 torí pé aládùúgbò rẹ̀ já tiẹ̀, nígbà tí ọjà ti wọ́n dé ₦1,300, gbọ́dọ̀ ta 100. Bí ìkòkò àti àga yín kò bá gbà ju 60 lọ, iye yẹn kò ṣeé tà.

Oúnjẹ tó bà jẹ́ náà ń wọ inú ìnáwó. Ká ní ẹ ro àwo 40, ẹ ta 36. Ẹran mẹ́rin tó kù ṣì ṣeé gbé kaná, àmọ́ àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú ti lọ: ₦450 lọ́nà mẹ́rin, ₦1,800. Bí ẹ bá pín in sórí 36, ₦50 ló gorí àwo kọ̀ọ̀kan, àwo tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ tà á sì kúrò ní 34, á di 40. Ẹ kò tíì ta tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé kẹ́ ẹ wá fi ₦100 lé e? Ká ní 45 lẹ ń tà ní ₦1,500: ₦13,500 ló ń ṣẹ́kù lójúmọ́ kẹ́ ẹ tó yọ ti ṣọ́ọ̀bù. Ní ₦1,600, ₦400 ló ń ṣẹ́kù lórí àwo kan, àwo 34 sì ti kó ₦13,600 wọlé. Oníbàárà 11 lè lọ láìjẹ́ pé owó yín dín. Ẹ dán an wò fún ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ máa ka àwo lálaalẹ́. Bí iye tẹ́ ẹ ń tà bá wọ 33, ẹ dá a padà. Èmi ò fara mọ́ kí wọ́n gé ẹran kéré dípò kí wọ́n fi owó lé e, torí ẹran ni ará Ìbàdàn kọ́kọ́ ń wò nínú àwo.

Ohun kan ṣoṣo ló lè ba ìṣirò yìí jẹ́ nígbà tí ọjà bá yá. Bí títà bá pọ̀ débi tẹ́ ẹ fi gba ọmọ iṣẹ́ kẹta ní ₦50,000, ìnáwó oṣù di ₦290,000, ní ₦1,500 ẹ gbọ́dọ̀ máa ta 41 kí owó tó pé. Àwo méje ló ń sanwó ẹni náà lójúmọ́. Bí kò bá lè mú ju bẹ́ẹ̀ wọlé, ẹni tó máa wá ní ọ̀sán nìkan lẹ nílò.