Àbẹ́là tó ṣì ń jó kò tíì ní iye ìparí

Ọ̀pọ̀ àwa tó ń kọ ètò fún òwò orí ẹ̀rọ gbà pé ìpíndọ́gba tó ń sún kò lè yọjú wo ọ̀la, torí pé iye tó ti kọjá nìkan la fi ń ṣírò rẹ̀. Ìṣirò náà kò lẹ́bi lóòótọ́. Àbẹ́là tó kẹ́yìn, ìyẹn igi tó ń fi iye ọjà láàárín àkókò kan hàn lórí àwòrán, èyí tó ṣì ń jó lọ́wọ́ torí pé àkókò rẹ̀ kò tíì parí, ni àṣìṣe ń gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ ká mú ìpíndọ́gba kúkúrú, ti àbẹ́là 2, àti gígùn, ti àbẹ́là 4; ètò ń rà nígbà tí kúkúrú bá ré kọjá gígùn sókè. Àbẹ́là mẹ́rin ti tì sí 104, 102, 100 àti 100. Ìpíndọ́gba kúkúrú jẹ́ 100, gígùn jẹ́ 101.5. Àbẹ́là karùn-ún ṣí ní 100, ó sì fò dé 106. Bí ètò bá ṣírò lójú ẹsẹ̀, kúkúrú di 103, gígùn di 102: kúkúrú ti ré kọjá, ètò sì rà. Kí àbẹ́là náà tó tì, iye ti já wálẹ̀ sí 101. Kúkúrú wá jẹ́ 100.5, gígùn 100.75. Tí ẹ bá padà wo àwòrán lẹ́yìn náà, ẹ ò ní rí àmì kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó ti jáde.

Ìdánwò lórí dátà àtijọ́ ní tirẹ̀ ń ṣìnà lódì kejì, èyí ló sì ń dùn mí jù, torí èrè ló máa ń fi hàn. Ká ní àbẹ́là karùn-ún tì sí 103: kúkúrú 101.5, gígùn 101.25, àmì náà dájú. Ṣùgbọ́n aago tí àbẹ́là ṣí ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i lára. Àbẹ́là ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n kọ 10:00 sí, 10:05 la tó mọ iye ìparí rẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rà ní 10:00, ní 100, ti jẹ èrè 3 tí kò sẹ́ni tó lè rí i.

Nínú dátà kline, ìyẹn dátà àbẹ́là, tí Binance, ọjà owó kírípítò, ń ṣàn wá, `x` ló ń sọ bóyá àbẹ́là ti tì:

```python
k = msg["k"]
if k["x"]:
    closes.append(float(k["c"]))
    check_cross(closes)
```

Iye tí àbẹ́là tó tẹ̀ lé e fi ṣí ni kí ẹ fi ra ọjà, nínú ìdánwò àti lójú ọjà.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ gé dátà yín sí àbẹ́là kan, ẹ ṣírò àmì rẹ̀, kí ẹ wá fi àwọn tó kù kún un, kí ẹ tún un ṣírò. Bí àmì ibẹ̀ bá yí padà, ètò yín ń wo ọ̀la. Àmọ́ ìyẹ̀wò yìí kò lè mú iye ìrajà 100 yẹn, torí àmì rẹ̀ kò yí padà rárá. Aago àmì àti aago ìrajà ni kí ẹ fi wéra ní ìlà kọ̀ọ̀kan.