Ìpolówó Wo Ló Ń Mú Owó Wọlé? Bí A Ṣe Ń Tọpa Oníbàárà Tó Ń Rajà Lórí Fóònù àti WhatsApp

Ẹni tó ń tajà lórí wẹ́ẹ̀bù lè mọ ibi tí oníbàárà ti wá, nítorí líǹkì tí onítọ̀hún tẹ̀ ló gbé e dé ibi tó ti sanwó. Bí ó bá jẹ́ fóònù tàbí WhatsApp ni wọ́n fi ń rajà, ojú ọ̀nà já. Níbìkan ni oníbàárà ti rí ìpolówó, ibòmíràn ló ti sanwó, nígbà míì gan-an orúkọ ìyàwó rẹ̀ ló wà lórí tíráńsífà. Nọ́ńbà fóònù oníbàárà nìkan ló máa ń wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí, òun la ó sì fi so méjèèjì pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ó ń polówó lórí rédíò àti lórí Instagram. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ìpolówó kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Kí ó ra síìmù kan tó jẹ́ pé orí rédíò nìkan ni wọ́n ti ń ka nọ́ńbà rẹ̀. Inú fóònù onísíìmù méjì tó ń lò tẹ́lẹ̀ náà ló lè ki í sí. Lọ́jọ́ tó bá kọ nọ́ńbà yẹn sára páálí ìsọ̀ rẹ̀, ìṣirò ti dàrú nìyẹn. Ti Instagram, líǹkì WhatsApp ni yóò lò, irú èyí tó ti ní ọ̀rọ̀ nínú kí oníbàárà tó fọwọ́ kàn án:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=Mo%20fe%20ra%20adire%20F1
```

Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ yóò rí «Mo fe ra adire F1» níwájú rẹ̀, yóò sì fi ránṣẹ́. F1 ni àmì tó sọ ibi tó ti wá. Ó dára kí àmì náà jọ nọ́ńbà ọjà, torí àwọn èèyàn máa ń pa ohun tí kò bá yé wọn rẹ́.

Àwọn kan ò ní gba ẹnu ọ̀nà kankan nínú méjèèjì. Àwọn yẹn la ó bi léèrè, kí ọ̀rọ̀ iye owó tó bẹ̀rẹ̀. «Níbo lẹ ti gbọ́ nípa wa?» kì í ṣe ìbéèrè tó dáa tó, ibi tó bá kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn ni wọ́n máa dárúkọ. «Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí nọ́ńbà tí ẹ pè yìí?» sàn jù, nítorí ohun kan pàtó ló ń béèrè.

Inú ìwé kan ni gbogbo rẹ̀ ń lọ: nọ́ńbà oníbàárà, ọjọ́ tó kọ́kọ́ kàn sí wa, ibi tó ti wá, iye tó san àti ọjọ́ tó san án. Ẹni tó bá tọ́jú nọ́ńbà wa tó wá padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, orúkọ ìpolówó àkọ́kọ́ ló ṣì wà. Aṣọ ẹbí kì í yára. Nítorí náà, àwọn tó wọlé lóṣù kan, kí a dúró fún ọgbọ̀n ọjọ́ sí i kí a tó ṣírò wọn.

Ìṣirò yìí ló máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Ká ní Instagram gba ₦60,000, èèyàn 120 sì kọ̀wé. Rédíò gba ₦80,000, èèyàn 40 péré ló pè. Bí a bá ka àwọn tó kàn sí wa, ₦500 ni ẹnì kan láti Instagram ná wa, ₦2,000 sì ni ti rédíò. Ó fẹ́ dà bíi kí a pa rédíò tì. Ṣùgbọ́n nínú àwọn 120 yẹn, 12 ló sanwó. Nínú àwọn 40, 20 ló sanwó. Oníbàárà kan láti Instagram wá di ₦5,000, ti rédíò di ₦4,000. «Èló ni?» lásán ni ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ̀wé wá béèrè. Ọjà tí wọ́n bá kọ̀ nígbà tí ọlọ́kadà gbé e dé ilé wọn kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò náà.

Ohun tí ìwé yìí kò lè sọ ni ẹni tí ìbá ti rajà bẹ́ẹ̀ náà láìsí ìpolówó. Ìyá tó ti ń ra àdìrẹ lọ́wọ́ wa láti ọ̀pọ̀ ọdún wá lè pe nọ́ńbà rédíò nítorí pé òun ló sún mọ́ ọn. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ni pé ká dá ìpolówó kan dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ká máa wo àpapọ̀ ọjà tó ń tà, kì í ṣe ti ẹnu ọ̀nà yẹn nìkan. Bí ìpè rédíò bá dákẹ́ tí àpapọ̀ owó kò sì yẹ̀, àwọn tó ń pè ti gba ibòmíràn wọlé. Kí a má fi oṣù Kejìlá wé oṣù Kìíní, ọdún Kérésì yóò ba ìdánwò náà jẹ́. Bí ọjà tó ń tà lóṣù kò bá ju 30 lọ, kí ó já sí 27 kò fi nǹkan kan hàn. Oṣù tí ìpolówó ń lọ déédéé náà lè rí bẹ́ẹ̀. Nírú ipò yẹn, ìdánwò náà yóò ní láti gùn sí i kí ẹnikẹ́ni tó fagi lé ìpolówó kankan.