Iye àna, ìsúnmọ́ àti alárinà: ta ló wà láàárín gan-an?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ya àwòrán àwọn èèyàn àti àwọn tí wọ́n mọ̀, mo wá fẹ́ mọ ẹni tó ṣe kókó jù níbẹ̀. Ẹnì kan ní kí n ka okùn, ẹlòmíràn ní kí n wọn ìsúnmọ́, ẹnì kẹta ní kí n wá alárinà. Ṣé ọ̀kan náà kọ́ ni gbogbo wọn?

Ìdáhùn: Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, àbúrò. Àwòrán kan náà lè fún ọ ní orúkọ mẹ́ta tó yàtọ̀ síra. Ohun tó dára jù ni ká mú àwòrán tí ojú lè rí tán, ká fọwọ́ kà á.

Ní ìlú Fúlọ́rẹ́nsì, nílẹ̀ Ítálì, láyé nǹkan bí ọdún 1430, àwọn ìdílé olówó ń bá ara wọn du agbára ìlú. John Padgett àti Christopher Ansell kọ̀wé lórí wọn ní ọdún 1993, wọ́n sì fi hàn bí àwọn ìdílé náà ṣe ń fẹ́ ọmọ lọ́wọ́ ara wọn. Àwòrán àna tí a máa ń fi kọ́ni láti inú rẹ̀ ní ìdílé 15 àti okùn 20. Bí ọmọ ìdílé kan bá fẹ́ ọmọ ìdílé kejì, okùn kan dè wọ́n pọ̀ nìyẹn.

Ìwọ̀n àkọ́kọ́ rọrùn jù: ka àna ìdílé kọ̀ọ̀kan. Medici ní 6. Strozzi ní 4, Guadagni náà ní 4. Ridolfi ní 3. Lamberteschi ní ẹyọ kan péré, Guadagni sì ni.

Ìwọ̀n kejì ni ìsúnmọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá jáde lẹ́nu Medici, tó ń ti ọ̀dọ̀ àna bọ́ sí ọ̀dọ̀ àna, ìṣísẹ̀ mélòó ni yóò gbé kó tó dé ọ̀dọ̀ ìdílé kọ̀ọ̀kan? Ìdílé 6 wà ní ìṣísẹ̀ kan, 5 wà ní méjì, 3 wà ní mẹ́ta. Ro ó pọ̀, 25 ni. Ìdílé 14 tó kù ni a ó wá fi 25 pín, èyí tó jẹ́ 0.56. Bí àròpọ̀ bá ṣe kéré tó ni ìsúnmọ́ ń ga tó. Wàyí o, ta ló tẹ̀ lé Medici? Ridolfi ni, àròpọ̀ tirẹ̀ jẹ́ 28, bẹ́ẹ̀ àna mẹ́ta péré ló ní. Strozzi tó ní àna mẹ́rin ń bẹ lẹ́yìn pẹ̀lú 32. Àna tí Ridolfi ní kò pọ̀, ṣùgbọ́n Medici wà lára wọn, Strozzi náà wà lára wọn, ìyẹn sì mú un súnmọ́ ìhà méjèèjì ìlú.

Ìwọ̀n kẹta ni mo fẹ́ràn jù, torí òun ló ń fi agbára tí ojú kì í tètè rí hàn. Ó ń béèrè pé nínú gbogbo ìdílé méjì-méjì tó fẹ́ kàn sí ara wọn, mélòó ni ọ̀nà àbùjá wọn gba ọwọ́ rẹ kọjá? Ìwọ̀n alárinà nìyẹn. Bí ọ̀nà tó kúrú jù bá ju ẹyọ kan lọ, wọ́n á pín in: ọ̀nà méjì, tí ìwọ wà lórí ọ̀kan, ìdajì ni tìrẹ. Linton Freeman ló gbé ìwọ̀n yìí kalẹ̀ fún àwọn onímọ̀ àwùjọ ní ọdún 1977. Bí a bá yọ Medici sẹ́yìn, oríṣi méjì-méjì 91 ló wà láàárín ìdílé 14 tó kù. Medici gba 47.5 nínú 91. Ó ju ìdajì ìlú lọ.

Wá wo Strozzi àti Guadagni, àna mẹ́rin-mẹ́rin. Guadagni gba bíi 23.17, Strozzi gba bíi 9.33. Kí ló fà á? Wo àwọn àna Strozzi: Castellani, Peruzzi, Bischeri àti Ridolfi. Castellani ti jẹ́ àna Peruzzi tẹ́lẹ̀, Peruzzi sì jẹ́ àna Bischeri. Wọn ò nílò kí Strozzi bá wọn dé ọ̀dọ̀ ara wọn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn àna mẹ́rin Guadagni, kò sí méjì tó jẹ́ àna ara wọn, Lamberteschi kò tilẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà mìíràn. Palla Strozzi ni owó rẹ̀ pọ̀ jù ní Fúlọ́rẹ́nsì nígbà ìkàwé owó-orí ọdún 1427, síbẹ̀ òun ni wọ́n lé kúrò nílùú ní 1434, nígbà tí Cosimo de' Medici ti ìgbèkùn dé. Mi ò sọ pé okùn àna nìkan ló ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn àna Strozzi mọ ara wọn, ti Medici kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ara wọn: nínú àna Medici mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Ridolfi àti Tornabuoni nìkan ló so pọ̀ tààrà.

Ìbéèrè: Ó yé mi. Mo wá kọ kóòdù tó ń mú méjì-méjì, tó ń wá gbogbo ọ̀nà wọn. Ti ìdílé 15 parí lójú ẹsẹ̀. Mo gbé e sórí èèyàn 10,000, ó sáré di òwúrọ̀, kò parí. Ibo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: O ò ṣì í, ọ̀nà gígùn lo gbà. Bí o bá ń mú méjì-méjì, tí o tún ń béèrè lọ́wọ́ ẹnì kẹta bóyá ó wà láàárín wọn, 10,000 lọ́nà 10,000 lọ́nà 10,000 nìyẹn. Ulrik Brandes ló tú ìṣòro yìí ní ọdún 2001. Ohun tó rí ni pé kò yẹ ká máa mú méjì-méjì rárá. Mú ẹnì kan ṣoṣo, rìn jáde láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn, kí o wá padà sẹ́yìn pẹ̀lú ìpín oníkálukú. Ìrìn àlọ àti àbọ̀ kan ti parí ọ̀rọ̀ ẹni yẹn pẹ̀lú gbogbo ayé.

Jẹ́ ká gbéra láti ọ̀dọ̀ Lamberteschi. Ní àlọ, ìpele dé ìpele la ó máa rìn, a ó sì kọ iye ọ̀nà àbùjá tó dé ọ̀dọ̀ ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ìpele kìíní: Guadagni, ọ̀nà 1. Ìpele kejì: Tornabuoni, Albizzi àti Bischeri, ọ̀nà 1 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìpele kẹta: Medici, ọ̀nà 2, torí Tornabuoni mú un débẹ̀, Albizzi náà mú un débẹ̀, lẹ́yìn náà Ridolfi, Ginori, Peruzzi àti Strozzi, ọ̀nà 1-1. Ìpele kẹrin: Acciaiuoli, Barbadori àti Salviati gba ti Medici, ọ̀nà 2 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, Castellani gba ti Peruzzi àti Strozzi, ọ̀nà 2. Ìpele karùn-ún: Pazzi, láti ọ̀dọ̀ Salviati, ọ̀nà 2. Okùn tó bá so ẹni méjì nínú ìpele kan náà, bíi Ridolfi àti Strozzi, kò sí lórí ọ̀nà àbùjá kankan láti ọ̀dọ̀ Lamberteschi, a ó fò ó.

Àbọ̀ ló gbọ́n jù. Bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó jìnnà jù. Oníkálukú ní ẹyọ kan tirẹ̀, pẹ̀lú ohun tó ti gbà lẹ́yìn. Àpapọ̀ yìí ló ń dá padà fún àwọn tó mú un débẹ̀, wọ́n á sì pín in ní ìbámu pẹ̀lú iye ọ̀nà wọn. Nínú kóòdù, ìlà kan ni:

```
delta[v] += sigma[v] / sigma[w] * (1 + delta[w])
```

`sigma` ni iye ọ̀nà, `delta` ni ohun tí ènìyàn gbà, `w` ni ẹni tó jìnnà, `v` sì ni ẹni tó ṣáájú rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Pazzi kò gba nǹkan kan lẹ́yìn, ó dá ẹyọ 1 rẹ̀ padà fún Salviati. Salviati ti ní 1. Medici wá gba 1 lọ́wọ́ Acciaiuoli, 1 lọ́wọ́ Barbadori, àti 2 lọ́wọ́ Salviati (ẹyọ tirẹ̀ àti ti Pazzi), ó di 4. Castellani pín ẹyọ rẹ̀ sí méjì, ìdajì fún Peruzzi, ìdajì fún Strozzi. Medici wá kó 1 àti 4, ìyẹn 5, ó pín in fún àwọn méjì tó mú un dé: 2.5 fún Tornabuoni, 2.5 fún Albizzi. Tornabuoni tún gba 1 lọ́wọ́ Ridolfi, Albizzi gba 1 lọ́wọ́ Ginori, àwọn méjèèjì di 3.5. Bischeri gba 1.5 lọ́wọ́ Peruzzi, 1.5 lọ́wọ́ Strozzi, ó di 3. Guadagni sì kó 4.5, 4.5 àti 4 jọ: 13.

Ó sì yẹ kó jẹ́ 13 lóòótọ́! Òun ni ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí Lamberteschi ní, ìdílé 13 ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìdílé 15 kọ̀ọ̀kan, ro ohun tí ìdílé kọ̀ọ̀kan gbà pọ̀, láìka ìrìn tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ òun fúnra rẹ̀, kí o wá fi 2 pín in, torí ìwọ àti èmi, èmi àti ìwọ, a ti ka ara wa lẹ́ẹ̀mejì. Ìrìn kọ̀ọ̀kan ń kan okùn kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀nba ìgbà, nítorí náà iṣẹ́ náà jẹ́ iye ènìyàn lọ́nà iye okùn. Fún èèyàn 10,000 tó ní okùn 50,000, mílíọ̀nù 500 nìyẹn, dípò tírílíọ̀nù kan. Kò sì sí tábìlì ńlá tí o ń tọ́jú, lẹ́yìn ìrìn kan o lè pa `sigma` àti `delta` rẹ́, kí o bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ti tèmi tọ̀nà?

Ìdáhùn: Àyẹ̀wò kan wà tí mi ò jẹ́ fi sílẹ̀. Nínú ìrìn kọ̀ọ̀kan, ro gbogbo `delta` pọ̀, yàtọ̀ sí ti ẹni tí o ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ gbéra. Ó gbọ́dọ̀ bá àròpọ̀ ìṣísẹ̀ mu, lẹ́yìn tí o bá yọ 1 kúrò fún ìdílé kọ̀ọ̀kan tí o dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìṣísẹ̀ Lamberteschi jẹ́ 43; yọ 14, ó ku 29. Ro àwọn nọ́ńbà òkè yẹn wò, 29 ni. Bí tìrẹ ò bá bá a mu, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé o dá ìpín padà kí gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn tó parí tiwọn. Lẹ́yìn náà, fi èyí wé e, ní Python pẹ̀lú àkójọ irinṣẹ́ networkx tó ní àwòrán yìí nínú:

```
import networkx as nx
G = nx.florentine_families_graph()
b = nx.betweenness_centrality(G, normalized=False)
print(round(b["Medici"], 2))
```

Yóò sọ 47.5.

Ibi tí mo ti rí i tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà ni `weight`. Bí o bá kọ iye ìgbà tí ẹni méjì pe ara wọn sórí okùn, tí o sì fi í fún `weight`, kóòdù á kà á sí ọ̀nà jíjìn. Àwọn tó ń pe ara wọn lójoojúmọ́ á wá dà bí ẹni tó jìnnà réré síra. Yí i padà kọ́kọ́, bóyá kí o fi nọ́ńbà náà pín 1. Bí o bá rí i pé àwọn alárinà rẹ jẹ́ àwọn tí okùn wọn tínrín jù, lọ wo ibẹ̀ ná.

Ẹni tí kò ní okùn kankan náà wà. Ìdílé Pucci jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìdílé yẹn, kò ní àna kankan lára wọn, ìdí nìyẹn tí networkx kò fi kà á mọ́ 15. Ìwọ̀n alárinà rẹ̀ jẹ́ 0, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n ìsúnmọ́ kò ní ìtumọ̀ níbi tí ọ̀nà ò sí.

Bí èèyàn rẹ bá tó mílíọ̀nù, ọ̀nà Brandes pàápàá yóò pẹ́. Fi `k=500` sínú `betweenness_centrality`, yóò ṣa ẹni 500 láìròtẹ́lẹ̀, yóò rìn láti ọ̀dọ̀ wọn nìkan, yóò sì fi ìyẹn díwọ̀n. Àwọn alárinà ńlá máa ń jáde dáadáa, ṣùgbọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé ipò àwọn tó wà nísàlẹ̀ tábìlì. Ṣe é lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú `seed` tó yàtọ̀, orúkọ tó bá yí ipò padà, má tíì kọ ọ́ sílẹ̀.