Ilẹ̀ gbẹ lónìí, àmọ́ àwọ̀ abẹ́ ẹ̀ ṣì ń sọ ibi tómi gbà kọjá

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra ilẹ̀ oko lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń lọ wò ó, wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á rí i pé ó gbẹ, wọ́n á ní kò sí wàhálà omi níbẹ̀, ó yá, ká gbin kajú. Ó ń dunni gan-an ni, torí pé gbígbẹ ìgbà ọyẹ́ ò sọ nǹkan kan nípa ohun tómi ń ṣe níbẹ̀ lóṣù kẹsàn-án. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á gbẹ́ kòtò tó jìn tó mítà kan, á wá wo àwọ̀ ẹ̀gbẹ́ kòtò yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ìwé àwọ̀ Mọ́nsẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wò ó. Tí wọ́n bá kọ 10YR 5/6, 10YR ni ojú ìwé tí wọ́n ṣí, 5 ni bó ṣe mọ́lẹ̀ tó, 6 ni bí àwọ̀ náà ṣe le tó. Wọ́n á fọ́ ògúlùtu sí méjì, wọ́n á ta omi díẹ̀ sí i títí àwọ̀ ẹ̀ ò fi ní yí mọ́, wọ́n á gbé e sẹ́yìn ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ inú ìwé, nínú oòrùn gangan, kì í ṣe lásàálẹ́, torí pé oòrùn àṣálẹ́ máa ń sọ gbogbo nǹkan di pupa. Àwọ̀ tó pọ̀ jù ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọ àwọ̀ àwọn àmì tótòtó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àti bí wọ́n ṣe gba àyè tó.

Àwọn àmì yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Irin ló ń pa ilẹ̀ láró, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi ń pupa tàbí kó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Tómi bá kún inú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ò rọ́nà wọlé mọ́, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ gbòǹgbò tó ti kú á lo ọ́síjìn tó kù tán, wọ́n á wá kọjú sí irin, irin á yọ́, á bá omi lọ. Aró ṣí nìyẹn o, bí aṣọ ni, ohun tó kù lára yanrìn àti amọ̀ ni àwọ̀ eérú. Níbi tí irin tó yọ́ bá ti tún pàdé afẹ́fẹ́, á dípẹtà, á fi àmì pupa sílẹ̀. Nítorí náà ẹni tó rí ìpẹtà tó ní ibẹ̀ ni omi dúró sí ti ṣì í wò, ibi tó dà bí eérú ni kó wò. Nínú ìwé, nọ́ńbà tó kẹ́yìn máa ń jẹ́ 2 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, tí nọ́ńbà ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ sì máa ń tó 4 lọ sókè.

Ohun tó wúni lórí jù ni ihò gbòǹgbò. Tí ilẹ̀ fúnra ẹ̀ bá dà bí eérú, tí ìpẹtà wá yí ihò gbòǹgbò ká, ìsàlẹ̀ lomi ti ń gòkè, inú ihò lafẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Tí ilẹ̀ bá pọ́n, tó wá jẹ́ pé etí ihò gbòǹgbò àtijọ́ ló dà bí eérú, òkè lomi ti ń bọ̀, ó dúró lórí amọ̀ líle, ó ń ṣàn wọ ihò. Ẹ̀kejì yìí ṣeé ṣe nǹkan sí, wọ́n lè gbẹ́ kòtò omi yí oko ká tàbí kí wọ́n kọ ebè gíga. Ti àkọ́kọ́ ò rọrùn bẹ́ẹ̀, torí pé kì í rọrùn láti ríbi darí omi abẹ́ ilẹ̀ sí.

Ká ní wọ́n gbẹ́ kòtò nísàlẹ̀ òkè, nítòsí àkùrọ̀. Láti orí ilẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 20, 10YR 3/2. Ẹ má jẹ́ kí 2 yẹn dẹ́rù bà yín, ohun jíjẹrà ló mú un dúdú, 3 tó ṣáájú ti fi hàn. Láti 20 dé 45, 7.5YR 5/6, kò ní àmì kankan. Láti 45 dé 70, àwọ̀ kan náà ni, àmọ́ àmì 10YR 6/2 gba bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Láti 70 lọ sísàlẹ̀, gbogbo ẹ̀ di 10YR 6/1, ìpẹtà 5YR 4/6 sì yí ihò gbòǹgbò ká. Ìsàlẹ̀ lomi ti ń bọ̀, ó máa ń dúró pẹ́ ní 70, nígbà míì ó ń yọ dé 45. Ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ ni irú ilẹ̀ yìí yẹ, kì í ṣe kajú tó fẹ́ kí gbòǹgbò ẹ̀ jìn.

Ìwé náà gbọ́n, torí pé ẹni méjì tó wo ògúlùtu kan náà ò ní jà lórí "pupa" tàbí "pọ́n" mọ́, àmọ́ àwọ̀ nìkan ló ń sọ, kò sọ ohun tó fà á. Yanrìn tí kò nírin látilẹ̀wá lè dà bí eérú láìsí omi rárá, òkúta tó ń jẹrà náà sì máa ń ní àwọ̀ oríṣiríṣi. Yangí róbótó tí etí ẹ̀ mọ́ kedere lè jẹ́ pé àgbàrá ló gbé e wá láti òkè. Èyí tó le jù ni pé àmì kì í parẹ́ kíákíá, ilẹ̀ tí wọ́n ti fa omi ẹ̀ kúrò lọ́dún pípẹ́ ṣì lè gbé e dání. Tí etí ìpẹtà bá ń pòórá díẹ̀díẹ̀ wọ inú ilẹ̀ tó yí i ká, ó ṣeé ṣe kómi ṣì ń wá. Tí etí ẹ̀ bá mú bíi pé wọ́n fọ̀bẹ gé e, ó lè ti di ti àtijọ́. Kí ọkàn lè balẹ̀, wọ́n á ri páìpù tí wọ́n lu ihò sí lára sínú ilẹ̀ dé mítà kan, wọ́n á sì máa wọn omi inú ẹ̀ látìgbà tójò bá ti le títí dé oṣù kẹwàá. Tómi ò bá gun 70 yẹn rárá nínú ọdún tójò rọ̀ dáadáa, àmì àtijọ́ ni wọ́n rí.