Àwọ̀ yẹ́lò fún ínfọ́ìsì tí ọjọ́ rẹ̀ ti sún mọ́lé, tí wọn ò sì tíì san

Ínfọ́ìsì tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá kì í sábà ṣòroó rí: olówó ti ń bínú, akọ̀wé owó sì ti ń pe oníbàárà. Èyí tó ku ọjọ́ mẹ́ta péré ló máa ń bọ́ mọ́ni lójú. Excel ní ohun kan tó ń jẹ́ Conditional Formatting, òfin tá a fi ń kun àwọ̀ sí ìwé owó. Tá a bá gbé òfin náà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á máa bi ìlà kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan náà nígbàkigbà tá a bá ṣí ìwé náà. Ìlà tó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni á gba àwọ̀, èyí tí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀ á wà ní funfun.

Ẹ jẹ́ ká wo ìwé oníṣòwò kan tó ń ta bébà àti yíǹkì n'Ìbàdàn. Òpó A ni nọ́ńbà ínfọ́ìsì, B ni oníbàárà, C ni iye owó, D ni ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n san án, E sì ni iye tí wọ́n ti san. Ká ní òní jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù Keje, 2025. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Bódìjà jẹ ₦180,000, ó yẹ kó san án ní ọjọ́ kẹrin oṣù náà, kò sì tíì san kọ́bọ̀. Ilé ìtàwé kan ní Dùgbẹ̀ ti san ₦95,000 tiẹ̀ pé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ kẹjọ ló yẹ kó san án. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Mọ́kọ́lá náà ní títí di ọjọ́ kẹjọ. ₦240,000 ló jẹ, ₦100,000 ló ti san. Ṣọ́ọ̀ṣì kan jẹ ₦60,000, ọjọ́ kọkànlá ni tiwọn. Oníbàárà kan tó kù, 29 oṣù Kẹfà ló yẹ kó ti san ₦32,000, àmọ́ a ò rí nǹkan kan gbà.

Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ò ju ọjọ́ méje lọ sí òní, tí owó rẹ̀ ò sì tíì pé, là ń wá. Lójú ara wa, ìlà méjì ló yẹ kó gba àwọ̀: Bódìjà àti Mọ́kọ́lá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ́kọ́ sáré lọ sí A Date Occurring tó wà nínú Conditional Formatting, wọ́n á sì mú Next week. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣìnà. Next week kì í ṣe ọjọ́ méje tó tẹ̀ lé òní. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lórí kàlẹ́ńdà ni, láti ọjọ́ Àìkú dé Àbámẹ́ta, ìyẹn 6 sí 12 oṣù Keje nínú ìwé tiwa yìí. Nítorí náà, á fo ilé ẹ̀kọ́ Bódìjà tí tiẹ̀ kù fẹ́ẹ́rẹ́, á sì kun ti ṣọ́ọ̀ṣì tí wàhálà rẹ̀ ò tíì tó. Kò tún ní wo òpó E rárá, torí náà á kun ilé ìtàwé Dùgbẹ̀ tí kò jẹ wá ní gbèsè mọ́. Nínú àwọn ohun tó wà níbẹ̀, ẹ óò rí In the last 7 days, àmọ́ ẹ ò ní rí ẹnìkejì rẹ̀ tó ń wo iwájú. Fọ́múlà la máa fi ṣe é.

Ẹ mú gbogbo àyè náà láti A2 dé E200, kí ẹ lọ sí Conditional Formatting, New Rule, lẹ́yìn náà Use a formula to determine which cells to format. Ẹ wá tẹ èyí síbẹ̀:

```
=AND($E2<$C2,$D2>=TODAY(),$D2<=TODAY()+7)
```

Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ Format, kí ẹ mú àwọ̀ yẹ́lò. Fọ́múlà yìí kan náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú Google Sheets, lábẹ́ Custom formula is.

Ohun mẹ́ta ni AND ń wádìí, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ pọ̀. Àkọ́kọ́, ṣé iye tí wọ́n ti san kéré sí iye tí wọ́n jẹ? Àpótí tó ṣófo, òdo ni Excel ń kà á sí níbí, nítorí náà ẹni tí kò tíì san nǹkan kan wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó san díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn kí òpó E jẹ́ iye owó dípò kó jẹ́ "ó ti san" tàbí "kò tíì san"; ilé ìtẹ̀wé Mọ́kọ́lá ì bá ti sá mọ́ wa lọ́wọ́. Àmọ́ nọ́ńbà nìkan ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀. Bí ẹnì kan bá kọ "100k", ọ̀rọ̀ ni Excel máa kà á sí, lójú tiẹ̀ ọ̀rọ̀ sì tóbi ju nọ́ńbà èyíkéyìí lọ, á wá gbà pé owó ti pé.

Ìkejì àti ìkẹta ń wo ọjọ́. TODAY() ń mú ọjọ́ òní látinú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà sì ni ọjọ́ nínú Excel: 1 oṣù Keje 2025 jẹ́ 45839, torí náà TODAY()+7 jẹ́ 45846, ọjọ́ kẹjọ oṣù náà. Tẹ́ ẹ bá kà á dáadáa, ọjọ́ mẹ́jọ ló jẹ́, láti Ìṣẹ́gun yìí dé Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ méje géérégé kó lo +6. Èmi ò ní yí i padà: ẹni tó ń yẹ ìwé wò ní gbogbo Ìṣẹ́gun á fẹ́ mọ̀ lónìí nípa owó tó yẹ kó wọlé ní Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀.

Àmì dọ́là tó wà níwájú lẹ́tà ń di òpó mú, kí gbogbo àpótí inú ìlà kan lè máa wo C, D àti E kan náà. Tí kò bá sí níbẹ̀, àpótí A nìkan ló máa bi ìbéèrè tó tọ́; B á máa fi D wé F, ìyókù á sì dojú rú. Nọ́ńbà 2 ò ní dọ́là, nítorí ó gbọ́dọ̀ máa yí padà láti ìlà dé ìlà, ó sì gbọ́dọ̀ bá ìlà tí àyè tẹ́ ẹ mú ti bẹ̀rẹ̀ mu. Bí ẹ bá kọ $C1, $D1 àti $E1 nígbà tí àyè bẹ̀rẹ̀ láti A2, àwọ̀ á bọ́ sórí ìlà tó wà nísàlẹ̀ ẹni tó jẹ gbèsè gan-an, ẹ ó sì máa dààmú aláìṣẹ̀ lórí fóònù.

Bí fọ́múlà bá tọ̀nà tí ìlà kan ò sì gba àwọ̀, ẹ wo ọjọ́ fúnra rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣètò bíi ti Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ bá tẹ 4/7/2025, ọjọ́ keje oṣù Kẹrin ló máa kà á sí, á ní ó ti kọjá. Tẹ́ ẹ bá tẹ 29/6/2025, kò sí oṣù kọkàndínlọ́gbọ̀n, torí náà á fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ máa mọ̀ ọ́n: nínú òpó D tẹ́nikẹ́ni ò tíì tò, ọjọ́ gidi máa ń fara ti apá ọ̀tún àpótí, ọ̀rọ̀ á fara ti apá òsì. Bó bá ń ṣe yín bí iyèméjì, ẹ tẹ =ISNUMBER(D2) sínú àpótí kan tó ṣófo; FALSE túmọ̀ sí pé kì í ṣe ọjọ́.

Ó ku oníbàárà tí ọjọ́ tiẹ̀ ti kọjá láti 29 oṣù Kẹfà. Òfin wa ò ní kun ún, bí ọjọ́ kẹrin bá sì kọjá láìsan, Bódìjà náà á padà di funfun bí ẹni tí kò jẹ nǹkan kan. Òfin kejì ló ń gba èyí mú, pẹ̀lú àwọ̀ pupa:

```
=AND($E2<$C2,$D2<>"",$D2<TODAY())
```

Ìdí tí $D2<>"" fi wà níbẹ̀ ni pé ọjọ́ tó ṣófo náà jẹ́ òdo, òdo sì kéré sí òní, torí náà ínfọ́ìsì tí ẹ kò tíì kọ ọjọ́ sí á di pupa láìnídìí. Ẹni tó ń lo Excel onífaransé ní Pọ́tò-Nóvò tàbí Kùtọnu á kọ òfin àkọ́kọ́ báyìí:

```
=ET($E2<$C2;$D2>=AUJOURDHUI();$D2<=AUJOURDHUI()+7)
```